Tíì Mòríńgà àti Oògùn Àtọ̀gbẹ

Àwọn tó ń ta ewé mòríńgà máa ń sọ pé ó ń wo àtọ̀gbẹ. Ewé náà ṣara lóore lóòótọ́, ó sì lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé ó ń wo àtọ̀gbẹ sàn.

Ká ní ìyá kan ń lo gilibẹnkilamáìdì, oògùn tó ń mú kí ara tú ínsúlíìnì jáde, yálà èèyàn jẹun tàbí kò jẹun. Ó mu tíì mòríńgà tó ki láàárọ̀, kò sì tètè jẹun. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn tútù bò ó, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò já geere mọ́. Bí ẹ̀rọ ìdíwọ̀n bá fi iye tó kéré sí 70 hàn, ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jù nìyẹn. Kó tètè mu omi tí wọ́n po kóró ṣúgà mẹ́rin sí, kí wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Omi lásán ni kí ẹ fi lo oògùn tàírọ́ìdì, torí mòríńgà lè dí i lọ́wọ́. Kí aláboyún má fọwọ́ kan gbòǹgbò tàbí èèpo rẹ̀ rárá, ó lè mú kí ilé ọmọ sún kì. Ẹ jọ̀wọ́, kẹ́ ẹ tó mu tíì yìí, ẹ sọ fún dókítà yín.