Ọ̀ṣọ́ Ọdún Kérésìmesì Nínú Yàrá Kan Ṣoṣo

Ní etí òkun Ìlàjẹ, níbi tí a tẹ Ayétòrò dó sí ní 1947, orí òpó igi ni a kọ́ ọ̀pọ̀ ilé sí. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ yàrá kan ṣoṣo, ibi tí a ń sùn náà ni a ó ti gba àlejò ọdún.

Nítorí náà, ọ̀nà ni a ó kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Bí yàrá bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó sì fẹ̀ ní 10, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ibùsùn, kí a má gbé ohunkóhun sí i.

Ògiri tí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà nìkan ni kí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, nítorí òun ni àlejò kọ́kọ́ ń rí. Kí a kan ìṣó méjì sí i, lókè ju orí ẹni tí ó ga jù lọ. Kí a ta okùn láàrin wọn, kí a sì so bébà aláwọ̀ àti màrìwò tútù rọ̀ sí i. Ọ̀rinrin òkun kì í jẹ́ kí tépù lẹ̀ pẹ́. Bí màrìwò bá gbẹ, kí a yọ ọ́, nítorí iná àbẹ́là kan lè mú un nínú ilé pákó.

Níkẹyìn, kí a pa iná lálẹ́, kí a sì gbé korobá omi láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ó bá kọ̀ wá lẹ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbé e kúrò kí àlejò tó dé.