Àyè Wà Lórí Dísìkì, Síbẹ̀ Fáìlì Kò Wọlé

Ká ní sáfà Línọ́ọ̀sì kan wà tí ilé ìtàjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń lò. Dísìkì rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 20, ext4 ló sì wà lórí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà kò lè wọlé, wọn kò sì lè sanwó. Ẹni tó ń bójú tó sáfà náà yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, ó bá èyí níbẹ̀:

```
No space left on device
```

Wọ́n ní àyè ti tán. Ó tẹ `df -h /` láti wo iye tó kù, ó sì rí i pé ó lé ní gígábáìtì mẹ́sàn-án tó ṣófo. Ta ló ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì?

Kò sí. Oríṣi àyè méjì ló wà lórí irú dísìkì bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni `df -h` sì ń kà. Nígbà tó tẹ `df -i /`, èkejì jáde: áínóòdù 1,310,720 ló wà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti lò, òdo ló kù.

Fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní áínóòdù tirẹ̀. Àkọsílẹ̀ kékeré ni, báìtì 256 lásán lórí ext4, òun ló sì ń sọ ẹni tó ni fáìlì, ẹni tó láṣẹ láti kà á, bó ṣe tóbi tó, ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn, àti ibi tí ohun inú rẹ̀ wà lórí dísìkì. Orúkọ fáìlì kò sí níbẹ̀ o. Inú fódà ni orúkọ ń gbé, pẹ̀lú nọ́ńbà áínóòdù rẹ̀. Láìsí áínóòdù, kò sí fáìlì. Ó dà bí ilé ìwòsàn tí bẹ́ẹ̀dì ṣófo lọ jàra, àmọ́ tí káàdì aláìsàn ti tán pátápátá.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń fi ext4 sórí dísìkì ni iye káàdì yẹn ti ń di mímọ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan míì fún un, `mke2fs` a máa ya áínóòdù kan sọ́tọ̀ fún báìtì 16,384 kọ̀ọ̀kan. Pín gígábáìtì 20 bẹ́ẹ̀, 1,310,720 náà ni wàá bá. Fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, ó pọ̀ ju ohun tí wọn yóò lò lọ, torí pé fáìlì wọn máa ń tóbi ju báìtì 16,384 lọ. Ibi tí fáìlì bá ti kéré tó sì pọ̀ bí eṣú ni wàhálà wà.

Ní ilé ìtàjà yìí, PHP ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí àlejò kan bá dé, PHP á ṣẹ̀dá fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `sess_`, kó lè máa rántí onítọ̀hún. Ohun inú rẹ̀ lè má ju báìtì igba lọ, àmọ́ ó gba áínóòdù kan odindi, ó sì gba búlọ́ọ̀kù báìtì 4,096 kan. Lórí Debian àti Ubuntu, kì í ṣe PHP fúnra rẹ̀ ló ń gbá àwọn fáìlì àtijọ́ dànù. Iṣẹ́ kan tó ń lọ láti àkókò dé àkókò ló ń ṣe é, fódà tí `php.ini` bá dárúkọ nìkan ló sì mọ̀. Ẹni tó kọ ìtàjà yìí ti darí tirẹ̀ sí `/srv/oja/sessions` láti inú kóòdù rẹ̀, agbálẹ̀ náà kò sì mọ̀ pé ibẹ̀ wà.

Wá fi àwọn róbọ́ọ̀tì tó ń rìn kiri íńtánẹ́ẹ̀tì kún un. Púpọ̀ nínú wọn kì í tọ́jú kúkì, nítorí náà gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kànlẹ̀kùn ni PHP ń rò pé àlejò tuntun ni. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fáìlì 86,400 ni lóòjọ́. Ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Gbogbo wọn pọ̀ kò gbà tó gígábáìtì márùn-ún, ìdí nìyẹn tí `df -h` kò fi kígbe.

Láti mọ fódà tó jẹ̀bi, kíka fáìlì ló yẹ, kì í ṣe kíka báìtì:

```
du --inodes -x / | sort -n | tail
```

Fódà tó kún jù ló máa wà nísàlẹ̀, àyàfi àwọn fódà òkè tó ń ka ti ọmọ wọn mọ́ tiwọn. Ẹni tó bá sáré tẹ `rm sess_*` yóò pàdé `Argument list too long`, torí pé orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ̀ jù fún àṣẹ kan ṣoṣo. `find` ló tó o ṣe, ó ń pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan:

```
find /srv/oja/sessions -type f -name 'sess_*' -mmin +1440 -delete
```

`-mmin +1440` yẹn ń dá èyí tí kò tíì pé ọjọ́ kan sí, kí oníbàárà tó ń rajà lọ́wọ́ má bàa já bọ́. Àṣẹ kan náà, tí wọ́n bá fi sínú `cron` kó máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ni yóò di agbálẹ̀ fódà náà.

Àmọ́ ìgbà mìíràn wà tí fáìlì kéékèèké náà kì í ṣe pàǹtírí, bíi sáfà tó ń tọ́jú lẹ́tà ìmeèlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Iye áínóòdù kò ṣeé fi kún lórí ext4 tó ti wà nílẹ̀, àfi tí wọ́n bá sọ dísìkì fúnra rẹ̀ di ńlá, kí `resize2fs` lè mú áínóòdù tuntun wá pẹ̀lú àyè tuntun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á kó dátà kúrò, wọ́n á sì tún ext4 ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `-i 4096`, èyí tó ń fúnni ní áínóòdù ìlọ́po mẹ́rin. Wọ́n sì lè lo XFS dípò rẹ̀: òun máa ń ṣẹ̀dá áínóòdù bí fáìlì bá ṣe ń dé, láti inú àyè tó ṣófo.