Kí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó lè gbé Valorant

Láptọ́ọ̀pù mi kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀. Intel HD 4000 ló wà nínú rẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń yá ràámù lò láti fi ya àwòrán. Bí ràámù bá jẹ́ ẹyọ kan, ọ̀nà kan ṣoṣo ni dátà ń gbà kọjá. Bó bá di méjì, ọ̀nà náà á di méjì.

Ẹ ṣí Task Manager, ẹ tẹ Performance, kí ẹ tẹ Memory. Bí ẹ bá rí `Slots used: 1 of 2`, àyè ṣì wà. Mo ra gíìgì 4 mìíràn, DDR3 bíi ti àkọ́kọ́, mo yọ bátìrì, mo sì kì í bọ àyè kejì. Valorant tí kì í tó fúréèmù 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan wá ń kọjá 40.

Mo tún dín ojú àwòrán kù láti 1366×768 sí 1024×768. Ìyẹn gbé ìdá kan nínú mẹ́rin iṣẹ́ yíyàwòrán kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Bó bá ń sáré dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó máa fà, ooru ni. Ẹ gbọn eruku inú fáànù. Ẹ má sì gbá gééèmù lórí bátìrì (bí iná bá wà o), torí ẹ̀rọ máa ń dín agbára ara rẹ̀ kù níbẹ̀.