Nínájà Lórí Ímeèlì ní Èdè Faransé

Ẹni tó bá mọ ọjà ná ní Ouando, ọjà ńlá Àjàṣẹ́, mọ bó ṣe ń lọ. Oníbàárà á dá iye tirẹ̀, ọlọ́jà á ní kò gbà, oníbàárà á kẹ̀yìn pé òun ń lọ, ọlọ́jà á sì pè é padà. Ojú àti ohùn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí à ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ bá wà ní ilẹ̀ Faransé, tó jẹ́ pé orí ímeèlì la ti ń bára wa sọ̀rọ̀, kò sí ẹ̀yìn tí a lè kọ síra wa. Ohun tí oníbàárà bá kọ ni wọn yóò kà, tí wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá kan tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ọ̀gá yẹn gan-an ló yẹ kí ẹni tó ń kọ lẹ́tà náà fi sọ́kàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń dáhùn ímeèlì wa kò ní àṣẹ láti dín owó kù ju ìwọ̀nba lọ. Ó lè fẹ́ràn wa, ó lè mọ orúkọ àwọn ọmọ wa, síbẹ̀ ó ní láti lọ ṣàlàyé fún ẹni tó ga jù ú lọ ìdí tí ilé iṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ gba owó tó kéré. Bí lẹ́tà wa kò bá fún un ní ìdí kankan ju pé ó ti pẹ́ tí a ti ń rajà lọ́wọ́ wọn, kò rí nǹkan mú lọ bá ọ̀gá. Ọdún tí a ti lò pọ̀ ń jẹ́ kí wọ́n tètè ṣí lẹ́tà wa kí wọ́n sì fara balẹ̀ kà á. Ohun tó ń mú owó wálẹ̀ ni nǹkan tí a bá fún ilé iṣẹ́ náà tó máa dín ìnáwó tàbí wàhálà tirẹ̀ kù.

Ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká sọ pé obìnrin oníṣòwò kan ní Àjàṣẹ́ ń ṣe ìpara òrí, ó sì ń rọ ọ́ sínú ike kéékèèké onídèérí. Láti ọdún mẹ́fà ni ó ti ń ra ike náà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ní agbègbè Oyonnax, níhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, níbi tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike pọ̀ dé ibi pé àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní «Plastics Vallée». Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ló ń rà á, 20,000 lẹ́ẹ̀kan, sẹ́ńtì yúrò 42 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọdún bá yí po, ó ti ra 60,000, ó sì ti san 25,200 yúrò. Ó fẹ́ kí ọ̀kan di sẹ́ńtì 38.

Kí ló lè fi gbà á? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ owó. Owó sẹ́fà ti wà lójú kan sí yúrò láti ọdún 1999, 655.957 sẹ́fà sí yúrò kan, nítorí náà kò sí ẹni tó lè di ẹ̀bi ru pàṣípààrọ̀ nínú òwò yìí. Ẹni tó ń ra irú ọjà bẹ́ẹ̀ láti Èkó lè sọ pé náírà ti já wálẹ̀, òótọ́ ni yóò sì sọ, àmọ́ ìjáwálẹ̀ náírà kò dín owó iná tàbí owó òṣìṣẹ́ kù ní Oyonnax. Ọ̀gá á kẹ́dùn, á sì fi owó sílẹ̀ bó ṣe wà.

Inú ilé iṣẹ́ ni ìdí tó lágbára wà. Nígbàkigbà tí obìnrin yìí bá béèrè ike rẹ̀, wọ́n ní láti gbé irin tí wọ́n fi ń da irú ike yẹn sórí ẹ̀rọ, kí wọ́n mú ẹ̀rọ gbóná, kí wọ́n fọ àwọ̀ ti tẹ́lẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n sì da àwọn ike àkọ́kọ́ tí kò dára nù, kí wọ́n tó rí ẹyọ kan tà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni wọ́n ń ṣe wàhálà yìí nítorí tirẹ̀. Bí wọ́n bá mọ̀ ṣáájú pé 60,000 ni yóò rà láìyẹ̀, wọ́n lè da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n kó o pamọ́, kí wọ́n sì máa fi ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìlérí yẹn gan-an ni obìnrin náà ní lọ́wọ́. Òun ni àwọn Faransé ń pè ní «contrepartie», ohun tí mo fún ọ kí ìwọ náà lè fún mi.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá bẹ̀rẹ̀ ni ó dára kí ó kọ lẹ́tà náà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Faransé máa ń ti ilẹ̀kùn tàbí kí wọ́n ṣẹ́ ku ìwọ̀nba òṣìṣẹ́ ní oṣù kẹjọ, bí ọdún tuntun bá sì ti dé, wọ́n ti lè tẹ ìwé iye owó tuntun. Ohun tí ó lè kọ nìyí:

«Objet : Nos conditions tarifaires pour l'année prochaine

Bonjour Madame,

Merci encore pour la livraison de juin, arrivée complète et à l'heure.

Nous préparons nos achats de l'année prochaine. Nous sommes prêts à nous engager sur 60 000 pots, en une seule commande ferme livrée en trois fois. En contrepartie, nous souhaiterions un prix unitaire de 0,38 € au lieu de 0,42 €. Au tarif actuel, nous ne pourrons pas prendre cet engagement.

Nous tenons à continuer avec vous. Pourriez-vous me donner votre réponse avant le 15 octobre ? Je suis à votre disposition pour en parler par téléphone.

Bien cordialement,»

Lẹ́tà náà kúrú, kò sì sí àbùkù nínú kíkúrú rẹ̀. Ẹni tí a tọ́ ní ilé Yorùbá á fẹ́ kọ́kọ́ béèrè ilé, béèrè ọ̀nà, béèrè iṣẹ́. Lórí ímeèlì Faransé, gbólóhùn kan tó mú nǹkan gidi dání tó. Kí a dúpẹ́ pé ọjà oṣù kẹfà dé pé pérépéré, ní àsìkò, dára ju kí a yìn wọ́n lápapọ̀ lọ, torí ó fi hàn pé a ń kíyè sí iṣẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni «vous», tí í ṣe ẹ̀yin ọ̀wọ̀ wọn. Kódà bí obìnrin náà àti ẹni tó ń kọ̀wé sí bá ti ń pe ara wọn ní «tu» lórí fóònù, «vous» ló yẹ nínú lẹ́tà tí ọ̀gá yóò kà.

Ìrẹ̀lẹ̀ inú lẹ́tà yìí wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe: «nous souhaiterions», «pourriez-vous». «Je veux» á dún bí àṣẹ. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sí ìrẹ̀lẹ̀ kankan nínú iye owó. Sẹ́ńtì 38 ni, ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni. Àwọn tó bá ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà dà bí aláìlójú a máa fi «si possible» kún un, tàbí «un petit geste», tàbí «un prix d'ami». Ẹni tó ń ka irú rẹ̀ á rò pé sẹ́ńtì kan ṣoṣo á tẹ́ wa lọ́rùn, sẹ́ńtì kan náà ni yóò sì fún wa. Gbólóhùn tó sọ pé a kò ní lè ṣe ìlérí náà bí owó bá wà níbi tó wà kì í ṣe ìhàlẹ̀. Òótọ́ òwò ni. Ẹni tí kò bá ní dúró tì í kó má ṣe kọ ọ́.

Èsì lè wá ní oríṣi mẹ́ta. «Je reviens vers vous» kò ṣèlérí kankan. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, kí a rán wọn létí ní gbólóhùn méjì. «Nous ne pouvons malheureusement pas donner une suite favorable» jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ gidi, ó sì yẹ kí a lo fóònù láti mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló máa ń tan ènìyàn jẹ. Ká sọ pé òun ló dé ọwọ́ obìnrin wa: «À titre exceptionnel, nous pouvons vous proposer 0,40 € sur votre prochaine commande.» Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti gba ìdajì. Ẹ tún un kà. «À titre exceptionnel» túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ni, «prochaine commande» sì jẹ́ 20,000 péré. Nínú oṣù díẹ̀, owó á padà sí sẹ́ńtì 42, òun á sì ti ná ìbéèrè rẹ̀ tán.

Kó má bínú, kó má sì dúpẹ́ lọ. Kó mú ohun mìíràn wá sórí tábìlì. Tẹ́lẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí ìwé owó bá dé ni ó ń sanwó. Bí ó bá lágbára láti san owó ìpín kọ̀ọ̀kan kí ọjà tó kúrò ní ilé iṣẹ́, ó lè béèrè «escompte», ẹ̀dínwó fún ẹni tó tètè sanwó. Kó má fi pe «remise», tí í ṣe ẹ̀dínwó nítorí iye ọjà, tàbí «ristourne», tí wọ́n ń ṣírò ní ìparí ọdún lórí gbogbo ohun tí a rà, nítorí pé ẹni tó ń ṣírò owó ní ilé iṣẹ́ á ya wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ̀.

«Merci pour votre effort. Nous confirmons les 60 000 pots. À 0,39 € sur toute l'année, avec un escompte de 2 % pour paiement de chaque livraison avant expédition, je signe cette semaine.»

Ẹ bá a ṣírò rẹ̀. 60,000 ní sẹ́ńtì 39 jẹ́ 23,400 yúrò. Ìdá 2 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 468. Ó ku 22,932 yúrò, èyí tí ó sọ ike kan di sẹ́ńtì 38 àti díẹ̀. Ohun tó béèrè ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ yìí, ilé iṣẹ́ náà sì lè sọ pé sẹ́ńtì 39 ni àwọn gbà. Ọ̀gá wọn á gba èyí ju sẹ́ńtì 38 gbalaja lọ, nítorí owó tó tètè wọlé wúlò fún wọn. Ìpín kọ̀ọ̀kan ni kí ó máa san, kì í ṣe owó ọdún lẹ́ẹ̀kan, kí ó má baà jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni gbogbo owó rẹ̀ wà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ náà.

Ìgbà kan wà tí kò yẹ kí ó kọ̀wé rárá. Bí ó bá jẹ gbèsè ìwé owó kan tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, gbèsè yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. Bí owó ohun tí wọ́n fi ń ṣe ike bá sì ti lọ sókè, tí wọn kò tíì fi kún tirẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ lè rán wọn létí pé ó yẹ kí àwọn gbé e sókè. Ọ̀rọ̀ pé òun á ti ibòmíràn rà lọ́la náà kò dára láti tètè sọ. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ìṣòwò ní abala L442-1 jẹ́ kí ẹni tí wọ́n já òwò pípẹ́ mọ́ lọ́wọ́ lójijì, láìsí ìwé ìkìlọ̀ ṣáájú, lè béèrè owó ìtanràn. Ilé iṣẹ́ níbẹ̀ kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Bí wọ́n bá gbà, kí ó béèrè kí wọ́n kọ iye náà, gbogbo ọdún tí ó wà fún, àti ẹni tí yóò san owó ọkọ̀. Wọ́n lè dín sẹ́ńtì mẹ́ta kù lórí ike kí wọ́n sì yí owó gbígbé ọjà dé èbúté lé òun lórí, tó bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ń san án tẹ́lẹ̀. «Franco» àti «départ usine» ni ọ̀rọ̀ tí yóò fi mọ̀ ọ́n. Kó kọ iye tuntun náà sínú «bon de commande» fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìwé owó àkọ́kọ́ bá dé, kó fi wé e. Bí sẹ́ńtì 42 bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ìṣírò wọn ni wọn kò tíì yí padà, kó sì béèrè «avoir», ìwé tí wọ́n fi ń dá ìyàtọ̀ owó padà, lọ́jọ́ náà gan-an.