Lẹ́tà ìdúpẹ́ aláṣọ Gbági fún àwọn tó dá lẹ́tà òfìfo rẹ̀ lóhùn

Lẹ́tà kan wọlé sórí kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dá oníbàárà lóhùn ní ilé iṣẹ́ kan tó ń bá ọlọ́jà gbowó. Kò ní àkọlé, kò ní ọ̀rọ̀, kò sì sí àwòrán kankan tó bá a wá. Ohun tí wọ́n rí kò ju orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó fi í ránṣẹ́ lọ, pẹ̀lú aago tó wọlé. Níbi tó yẹ kí àkọlé wà, (no subject) ni kọ̀ǹpútà kọ síbẹ̀.

Obìnrin aláṣọ kan ní ọjà Gbági, n'Íbàdàn, ló ni lẹ́tà náà. Ẹnì kan ra àǹkárá lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ₦46,500 ránṣẹ́ láti orí fóònù. Owó kúrò nínú àkáǹtì ẹni tó rajà, ṣùgbọ́n alẹ́ẹ̀tì kò dún lọ́dọ̀ aláṣọ. Ẹni tó rajà ní òun ti sanwó, ìyá aláṣọ ní òun ò tíì rí nǹkan kan. Ibi tó ti ń wá bí yóò ṣe fi ẹjọ́ náà tó ilé iṣẹ́ ọ̀hún létí ni ìka rẹ̀ ti kan àmì ìfiránṣẹ́. Bí lẹ́tà ṣe lọ lófìfo nìyẹn.

Ìlànà ímeèlì fúnra rẹ̀ kò ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí àṣìṣe. RFC 5322, ìlànà tó jáde lọ́dún 2008 tí ímeèlì ń tẹ̀ lé kárí ayé, fi nǹkan méjì péré ṣe dandan lórí lẹ́tà: ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ àti ẹni tó kọ ọ́. Ní ti àkọlé àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, bó bá wu ẹni ni.

Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í dá lẹ́tà òfìfo lóhùn, wọ́n sì nídìí. Àwọn oníjìbìtì máa ń fi irú rẹ̀ dọdẹ àdírẹ́sì. Èyí tó bá pòórì padà sọ́dọ̀ wọn, wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Èyí tí èèyàn bá dáhùn, wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan ń kà á. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iye lẹ́tà tí òṣìṣẹ́ bá parí lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí lẹ́tà tó rọrùn láti tì pa bí èyí tí kò lọ́rọ̀ nínú.

Òṣìṣẹ́ tí lẹ́tà aláṣọ bọ́ sí lọ́wọ́ kò tì í pa. Ó kọ́kọ́ wò ó bóyá àdírẹ́sì náà wà lára tàwọn oníbàárà wọn, ó sì bá a níbẹ̀. Ohun tó wá kọ nìyí:

“Ẹ káàsán, Mà. Lẹ́tà yín dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò bá a dé. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ló ṣèèṣì kàn án, kò sí wàhálà, ẹ má ṣèyọnu àtidáhùn. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó tí kò wọlé ni, nǹkan méjì la nílò: iye owó náà, àti nọ́ńbà gígùn tí wọ́n kọ Session ID sí lórí risíìtì ẹni tó sanwó. Bí ìwé kíkọ bá ni yín lára, ẹ kàn ya risíìtì náà ní fọ́tò, ó tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi PIN tàbí OTP ránṣẹ́ sí wa, a kò ní béèrè rẹ̀ láé.”

Ẹ wo bó ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sọ fún ìyá náà pé kò kọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ló ní kò bá lẹ́tà dé. Kò bi í pé kí ló fẹ́, nítorí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú kì í mọ ibi tí yóò ti mú ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n ń gbọ́ jù lọ ló gbé síwájú rẹ̀, ó sì sọ ohun tí yóò wá àti ibi tí yóò ti rí i. Síbẹ̀, ó ṣọ́ra. Kò dárúkọ àkáǹtì kankan, kò sì sọ iye tó wà nínú rẹ̀. Èèyàn lè fi àdírẹ́sì ẹlòmíì kọ lẹ́tà, inú rere òṣìṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ di ọ̀nà tí olè yóò gbà mọ ohun tó wà lápò olówó.

Nọ́ńbà tó béèrè yìí ni wọ́n fi ń tọ owó lẹ́sẹ̀. Lórí ètò NIP, tí ilé iṣẹ́ NIBSS fi ń gbé owó láti báǹkì kan sí òmíràn láti ọdún 2011, owó kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ló ní Session ID tirẹ̀, nọ́ńbà 30 tí wọ́n tò tẹ̀ léra. Ẹni tó fi owó ránṣẹ́ àti ẹni tó yẹ kó gbà á, nọ́ńbà kan náà ni báǹkì wọn ń rí. Ìyá aláṣọ ya risíìtì, ó fi í ránṣẹ́. Wọ́n wá rí i pé owó ti dé ilé iṣẹ́ náà, kò kàn tíì bọ́ sínú àkáǹtì rẹ̀ ni. Ọjọ́ kejì ló tó wọlé.

Lẹ́yìn èyí ni ìyá náà kọ lẹ́tà tirẹ̀:

“Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tó ń dá wa lóhùn, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ńbà ẹjọ́ mi ni 20817. Owó mi pẹ́ kó tó wọlé, inú mi kò dùn sí ìyẹn, mo sì ti sọ fún yín. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí mo torí rẹ̀ kọ èyí. Lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti lọ. Ẹni tó rajà dúró tì mí, ó ń pariwo pé mo fẹ́ gbowó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí èsì yín dé, mo fi hàn án, a sì jọ wá nọ́ńbà gígùn náà lórí fóònù rẹ̀. Ibẹ̀ ni ariwo ti rọlẹ̀, mo ní kó máa gbé aṣọ rẹ̀ lọ. Ẹ bá mi kí ọmọ tó kọ èsì náà. Ẹ̀rù ìwé kíkọ ló ń bà mí tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ní fọ́tò nìkan ti tó, ara tù mí. Òun náà kò ní ṣaláì rí ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀.”

Lẹ́tà yìí wúlò ju “ẹ ṣeun” lásán lọ. Bí ẹjọ́ bá parí, ilé iṣẹ́ máa ń ní kí oníbàárà fún àwọn ní ìràwọ̀, láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún. Ẹni tí owó rẹ̀ pẹ́ lè fún wọn ní méjì, òṣìṣẹ́ tó dáhùn dáadáa ni yóò sì jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀rọ tó há owó mọ́lẹ̀. Ìyá yìí ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Ó tún kọ nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀, èyí tó jẹ́ kí ọ̀gá rí ẹni tó kọ èsì náà láìjẹ́ pé ó mọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà tuntun ló sì kọ ọ́ sí. Bí èèyàn bá fi ìdúpẹ́ dá èsì tó kẹ́yìn padà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹjọ́ yóò kà á sí pé ẹjọ́ tó ti parí tún ṣí sílẹ̀, òṣìṣẹ́ kan yóò sì ní láti tún un tì.

Ohun tí ọ̀gá wọn mú nínú lẹ́tà náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó yí iṣẹ́ padà. Àkókò tí òṣìṣẹ́ bá lò lórí lẹ́tà òfìfo kò sí lára ohun tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Èyí tó bá wá láti àdírẹ́sì tí wọn kò mọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀. Èyí tó bá wá láti àdírẹ́sì oníbàárà, wọ́n á dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú irú èsì tí aláṣọ rí gbà. Bí òfìfo mìíràn bá tún tẹ̀ lé e, wọ́n á pè é lórí nọ́ńbà fóònù tó fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni bá kọ sínú ímeèlì.