Owó Ti Lọ, Ọjà Ò Dé: Bí Ohun Tí A Rà Nínú Áàpù Ṣe Ń Padà

Àlàátì báǹkì ti dún, owó ti kúrò, síbẹ̀ áàpù ṣì ń ní kí ẹ wá sanwó. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni ká tún un rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná, torí àlàátì yẹn ò sọ ju pé báǹkì ti yọ owó. Ẹni mẹ́ta ló wà nínú òwò yìí: báǹkì yín, ṣọ́ọ̀bù orí fóònù, ìyẹn Google Play tàbí App Store, àti àwọn tó ni áàpù. Ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì jù wà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù. Tí Google bá ti gba owó náà, ó máa fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `GPA.`

Tí rìsíìtì bá wà tí ọjà ò sì dé, àárín ṣọ́ọ̀bù àti áàpù ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, nẹ́tíwọ̀kì ló já lẹ́yìn tí owó wọlé, áàpù ò sì rí i gbọ́. Ẹ pa á dé, ẹ wá ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dáa, kí ẹ sì tún un ṣí. Púpọ̀ nínú wọn á fúnra wọn béèrè ohun tí ẹ ti rà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dọ̀ Google, ọjọ́ 3 ni áàpù ní láti jẹ́wọ́ pé òun ti rí ọjà tí a san owó rẹ̀. Tí kò bá jẹ́wọ́, Google á dá owó padà fún oníbàárà, á sì gba ọjà náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹjọ́ tó ṣòroó yé èèyàn jù ni ti ọjà tó ti wà tẹ́lẹ̀ tó wá di àwátì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé aránṣọ kan san owó ẹ̀ẹ̀kan-ṣoṣo fún áàpù tó fi ń tún fọ́tò aṣọ ṣe. Ó ra fóònù tuntun, ọmọ rẹ̀ bá a tò ó, ó sì fi àkáǹtì Google tirẹ̀ kún ti ìyá rẹ̀. Àkáǹtì ọmọ yìí ni wọ́n fi gba áàpù náà wọlé. Màmá tẹ `Restore Purchases` títí, áàpù ní òun ò rí nǹkan kan. Òótọ́ ni áàpù ń sọ. Bọ́tìnì yẹn kì í wá orúkọ èèyàn tàbí káàdì tó fi sanwó. Àkáǹtì tí wọ́n fi gba áàpù wọlé ló ń bi ṣọ́ọ̀bù léèrè, ọmọ ò sì ra nǹkan kan.

Kí màmá ṣí Google Play, kó tẹ àwòrán orí rẹ̀ lókè, kó mú àkáǹtì tirẹ̀, kó wá lọ sí `Payments & subscriptions`, kó tẹ `Budget & history`. Tó bá rí ọjà náà níbẹ̀, kò sónù. Kó yọ áàpù kúrò, kó fi àkáǹtì tirẹ̀ gbà á padà, kó sì tún tẹ `Restore Purchases`. Bákan náà ni lórí fóònù Apple: àkáǹtì tó ra ọjà ló gbọ́dọ̀ wà nínú App Store. Tó bá kúrò lórí Android bọ́ sórí fóònù Apple, bọ́tìnì yìí ò lè bá a gbé ọjà kọjá. Àfi tí áàpù fúnra rẹ̀ bá ní àkáǹtì tí èèyàn fi ń wọlé.

Ẹ má wá fi oògùn yìí wo géèmù o. Kọ́ìnì dà bí àkàrà: gbàrà tí oníbàárà bá ti gbà á, ọ̀rọ̀ parí lójú ṣọ́ọ̀bù. Iye tó kù wà nínú ìwé àwọn tó ni géèmù, `Restore Purchases` kì í sì í dá a padà. Ẹni tó ń ta géèmù náà bí àlejò, láìfi àkáǹtì kankan wọlé, tó wá yọ ọ́ kúrò lórí fóònù, lè pàdánù gbogbo kọ́ìnì rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ so géèmù mọ́ àkáǹtì. Tí kọ́ìnì ò bá dé, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ni ín pẹ̀lú nọ́ńbà `GPA.` àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín nínú géèmù. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú nọ́ńbà àṣírí káàdì wá, olè ni.

Tí gbogbo rẹ̀ bá já sí pàbó, ẹ béèrè owó yín. Oníbàárà App Store lè lọ sí `reportaproblem.apple.com`. Lọ́dọ̀ Google, ẹ tètè ṣe é láàárín wákàtí 48 tí ẹ rajà; lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ni áàpù ni wọ́n sábà máa ń darí yín sí.