Ìdí Tí Igun Àwòrán Ìràwọ̀ Fi Ń Yí Padà Bí Ẹni Bá Jápá

Àwọn kan wà nínú àwọn tó ń múra àtijápá tí wọ́n ń gbé ọjọ́ ìbí wọn lọ bá awòràwọ̀ kí wọ́n tó yan ìlú tí wọ́n máa lọ. Ohun tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ ni àwòrán ìràwọ̀ tí a tún yà fún ìlú tuntun. Jim Lewis, ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó jẹ́ kí irú iṣẹ́ yìí gbajúmọ̀ láti àwọn ọdún 1970, nípa máàpù ayé tó fa ìlà oòrùn, òṣùpá àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì sí lórí. Ìṣirò ibẹ̀ pé pérépéré. Ohun tí wọ́n ń fi ìṣirò náà sọ nípa ayé ẹni ni mo rọ̀ yín kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa.

Igun mẹ́rin ló wà nínú àwòrán náà. Igun ìlà-oòrùn ni ibi tí ojú ọ̀run ti ń yọ lákòókò tí wọ́n bí ọmọ, igun ìwọ̀-oòrùn sì kọjú sí i. Igun òkè ni ibi tí oòrùn máa ń gbà kọjá lọ́sàn-án, igun ìsàlẹ̀ sì wà lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn awòràwọ̀ ní ti ìlà-oòrùn jẹ́ ìwà àti ìrísí ẹni, ti ìwọ̀-oòrùn jẹ́ ìgbéyàwó, ti òkè jẹ́ iṣẹ́ àti òkìkí, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ilé àti òbí.

Ká ní wọ́n bí ọmọ kan ní Èkó ní agogo 12 ọ̀sán, ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, ọdún 1990. Aago Èkó fi wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich, nítorí náà agogo 11 àárọ̀ ni níbẹ̀. Oòrùn wà ní ìparí àmì Ẹja, igun òkè wà ní ìwọ̀n 15 nínú Ẹja kan náà, igun ìlà-oòrùn sì wà ní ìwọ̀n 20 nínú àmì Ìbejì. Oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dé góńgó orí. Awòràwọ̀ á ní ọmọ yìí máa rí orúkọ nídìí iṣẹ́.

Ó wá kó lọ sí Houston. Ìṣẹ́jú tí wọ́n bí i kò yí padà, nítorí náà oòrùn ṣì wà ní ìparí Ẹja. Àmọ́ nígbà tí ó di ọ̀sán ní Èkó, agogo 5 ìdájí ni ní Houston, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ilẹ̀ ayé ń yí ìwọ̀n 15 láàárín wákàtí kan, Houston sì jìnnà sí Èkó ní ìwọ̀n bíi 99 sí apá ìwọ̀-oòrùn. Igun ìlà-oòrùn bọ́ sí ìparí àmì Apọnmi, igun òkè bọ́ sí ìwọ̀n 9 nínú àmì Tafàtafà. Oòrùn tó wà lókè ní Èkó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ báyìí, awòràwọ̀ á sì ní ọ̀rọ̀ ti kúrò nídìí iṣẹ́, ó ti di ti ara ẹni.

Ti Lọ́ńdọ̀nù ló yà mí lẹ́nu jù. Ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní òkè Èkó gan-an lójú máàpù, nítorí náà igun òkè kàn sún ní ìwọ̀n bíi 4 péré. Ṣùgbọ́n igun ìlà-oòrùn fò láti ìwọ̀n 20 Ìbejì dé ìwọ̀n 13 Alákàn. Jíjìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì ló fà á: bí ẹni bá ṣe ń lọ sí àríwá ni ipa ọ̀nà oòrùn ń dagun sí ojú ilẹ̀ lọ́nà mìíràn. Igun òkè kò mọ̀ ju ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn lọ; igun ìlà-oòrùn ń ka àríwá àti gúúsù mọ́ ọn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹni tó ń tẹ ọjọ́ ìbí sórí fóònù kọ Houston, kó sì fi agogo 12 ọ̀sán sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Agogo 12 Houston ni ẹ̀rọ máa ṣírò, èyí sì jẹ́ wákàtí 7 lẹ́yìn ìbí. Ẹ wo oòrùn: bó bá tún padà sókè, èèyàn ti tẹ̀ ẹ́ ṣì. Ẹ wo òṣùpá náà. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ló ń rìn ní wákàtí kan, nítorí náà bí ìwọ̀n rẹ̀ nínú àmì bá ti yàtọ̀ sí ti àwòrán Èkó, ọmọ mìíràn ni wọ́n ń kà níbẹ̀.

Wákàtí ìbí fúnra rẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Ìṣẹ́jú 4 ń mú kí igun òkè sún ní nǹkan bí ìwọ̀n kan. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kàn sọ fún pé àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n bí òun lè fi wákàtí méjì ṣì í, ìyẹn sì tó ìwọ̀n 30, tó jẹ́ odindi àmì kan. Kò sí igun kankan tí èèyàn lè gbára lé nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀.

Ní ti pé igun ń darí ayé ẹni, ẹ̀rí kò tì í lẹ́yìn. Ní ọdún 1985, Shawn Carlson gbé ìdánwò kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature: wọ́n fún àwọn awòràwọ̀ ní àwòrán ìbí kan pẹ̀lú àpèjúwe ìwà ènìyàn mẹ́ta, kí wọ́n mú èyí tó bá a mu. Wọn kò gbà á ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, bíi ti ẹni tó ń méfò. Àwòrán ìbí lásán ni wọ́n yẹ̀ wò, wọn ò dé orí ti ìlú tuntun. Síbẹ̀, orí àwòrán ìbí náà ni wọ́n ti ń yà á. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó ní ọ̀sán ọjọ́ 20 oṣù Kẹta yẹn, tí wọ́n sì wà ní Houston lónìí, igun kan náà ni wọ́n ní, bóyá nọ́ọ̀sì ni tàbí awakọ̀, bóyá ó ti rí ìwé gbélùú gbà tàbí kò tíì rí i.